“Bó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn” kì í ṣe ọjọ́ ìsanwó

Ìbéèrè: “Ẹ̀rọ amúlétutù ni èmi àti àwọn ọmọṣẹ́ mi mẹ́ta ń tọ́jú, Yábà la wà. A ní oníbàárà tó pọ̀ ní Balógun àti Ìdúmọ̀tà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì fẹ́ kí n máa fi Yorùbá kọ íméèlì sí àwọn. Ìpínrọ̀ tí mo fi ń sọ̀rọ̀ owó, inú àdéhùn ẹlòmíì ni mo ti rí i, mo wá ní kí ẹnì kan tú u sí Yorùbá. Mo fi ránṣẹ́ sí ìyá aláṣọ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ló bá pè mí, ó ní ṣé kóòtù ni mo fẹ́ gbé òun lọ ni kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Báwo ni mo ṣe lè kọ ọ́ tí kò fi ní le, síbẹ̀ tí á mú wọn?”

Ìpínrọ̀ tó fi ránṣẹ́ nìyí: “Láìka ohunkóhun tó lè lòdì sí èyí nínú àdéhùn yìí sí, olùpèsè iṣẹ́ yóò ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí a ti là á sílẹ̀ nínú Àfikún Kìíní, èyí tí oníbàárà yóò san láàárín ọjọ́ 30 tí ó bá ti rí íńfọ́ìsì gbà, lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, àti pé, láìpa ẹ̀tọ́ mìíràn tí olùpèsè iṣẹ́ lè ní lára, owókówó tí a kò bá san nígbà tó tọ́ yóò máa fa èlé ìdá 5 nínú 100 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, olùpèsè iṣẹ́ yóò sì ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró nígbàkúgbà bó bá ṣe rí i pé ó yẹ.”

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn ìyá náà. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ka ìwé àdéhùn jẹun ní Èkó yìí, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìpínrọ̀ yín kí n tó mọ ẹni tó ń ṣe kí ni. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, kò síbi tí ẹ ti dárúkọ iye owó. Ẹ ní ó wà nínú Àfikún Kìíní. Mo wo íméèlì tí ẹ fi ránṣẹ́ sókè sódò, kò sí àfikún kankan níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ní kó gbà láti san owó tí kò mọ iye rẹ̀, tí wọ́n tún wá fi èlé halẹ̀ mọ́ ọn, kò jẹ̀bi tó bá pariwo kóòtù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ tó wúwo ló ń múni, pé bí ẹ bá ti yọ “láìka ohunkóhun sí” kúrò, ìwé náà ti di ìtàkúrọ̀sọ lásán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin wa, àdéhùn ti dúró bí ẹnì kan bá gbé nǹkan tó yé sílẹ̀, tí ẹnì kejì gbà á bó ṣe rí, tí tọ̀tún tòsì ní ohun tí wọ́n ń fún ara wọn, tí àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé eré kọ́ ni. Kò síbi tí òfin ti sọ irú èdè tí ẹ gbọ́dọ̀ fi kọ ọ́. Ká tiẹ̀ sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ dídí ló máa ń kó bá ẹni tó kọ ọ́: níbi tí gbólóhùn bá ti ní ìtumọ̀ méjì tí adájọ́ kò rí ọ̀nà mìíràn láti yàn nínú méjèèjì, èyí tí kò gbe ẹni tó kọ ìwé náà ló sábà máa ń gbà. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé ọ̀rọ̀ tó yé ìyá aláṣọ ló ń dáàbò bo oníṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tú ìpínrọ̀ náà palẹ̀, torí ihò mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ yín sì ni gbogbo wọn ti ń jò. Èkíní ni “lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn”. Ta ló máa sọ pé ó ti tẹ́ ẹ lọ́rùn? Òun nìkan ni. Bó bá fẹ́ lo owó náà ra ẹrù lóṣù yẹn, iṣẹ́ kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn nìyẹn, ẹ ò sì ní ohun tí ẹ máa fi já a nírọ́. Ohun tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ ni àyẹ̀wò tí ojú lè rí: wọ́n tan ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan níṣojú yín, ó tutù, ẹnì kan fọwọ́ sí i. Bí ọ̀kan kò bá tutù, owó ọ̀kan yẹn ló dúró, kì í ṣe owó gbogbo rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń pàdánù nìyí. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń ṣàìsàn nínú mẹ́jọ, ni owó méje tó kù náà bá wọ túbú.

Ihò kejì ni “ọjọ́ 30 tí ó bá ti rí íńfọ́ìsì gbà”. Ọjọ́ wo ló rí i gbà? Íméèlì tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ó lè ní ọjọ́ Ẹtì lòun tó ṣí i, ó sì lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Bí ìṣirò ọjọ́ yín bá ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fóònù ẹlòmíì, ọwọ́ yín kò tó o. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ohun tí ẹ̀yin méjèèjì jọ rí: ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tún ní ẹ̀gún kan tó jẹ́ ti àwa Yorùbá gan-an. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ látijọ́, òní wà nínú rẹ̀. Ẹ wo “ìjẹta”: òní ni ọ̀kan, àná ni èjì, ìjẹta ni ẹ̀ta. Bí ẹ bá wá sọ fún àgbàlagbà kan pé “ọjọ́ méje”, ó lè fi ọjọ́ tí ẹ ṣiṣẹ́ kún un, ẹlòmíì kò ní fi kún un, ní kóòtù náà wọn kì í sábà ka ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù náà tún lè máa ka ọjọ́ iṣẹ́ nìkan, kí wọ́n yọ Sátidé àti Sọ́ńdè kúrò. Ẹ̀yin àti oníbàárà yín á wá máa jiyàn lórí ọjọ́ kan, ẹnikẹ́ni kò sì purọ́. Oògùn rẹ̀ kò ju pé kí ẹ kọ ọjọ́ náà gan-an sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀: “ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Kẹta”. “Ìparí oṣù” náà kò dára, torí ẹnì kan lè túmọ̀ rẹ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n ń san owó oṣù, kí ẹlòmíì túmọ̀ rẹ̀ sí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n.

Ihò kẹta ni èlé. Ìdá 5 nínú 100 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dún bí ohun kékeré, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ₦15,000 lẹ ń gbà lórí ẹ̀rọ kan, pé ẹ̀rọ mẹ́jọ ni màmá náà ní. ₦120,000 nìyẹn lẹ́ẹ̀kan. Ìdá 5 nínú rẹ̀ jẹ́ ₦6,000 lọ́sẹ̀, bó bá sì pé ọdún kan láìsan, èlé nìkan á ti di ₦312,000, ìyẹn ju ìlọ́po méjì owó iṣẹ́ lọ. Òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò kọ̀ kí ẹ gba owó fún ìpẹ́, àmọ́ ó yẹ kó bá àdánù tí ìpẹ́ náà lè fà fún yín mu. Èyí tó bá jẹ́ pé láti fi dẹ́rù bani tàbí láti fìyà jẹni ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, kóòtù lè kọ̀ láti gbà á. Nítorí náà iye tó ń dẹ́rù ba màmá yẹn, ó ṣeé ṣe kó má ṣe yín láǹfààní kankan lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀. Ìgbà tí mo bi yín ní ohun tí ìpẹ́ ń ná yín, ẹ ní ọkọ̀ ọmọṣẹ́ láti Yábà dé Balógun láti lọ béèrè owó, àlọ àtàbọ̀, àti èlé díẹ̀ lórí owó gáàsì tí ẹ rà láwìn lọ́jà. Ẹ ní kò kọjá ₦3,000 lọ́sẹ̀. Ẹ kọ ₦3,000, kí ẹ sì fi òpin sí i, kó má ju ₦12,000 lọ. Ìdá 10 nínú 100 owó iṣẹ́ nìyẹn. Oníbàárà tó rí òpin níwájú kì í bẹ̀rù, ẹ̀yin náà sì lè ṣàlàyé iye yẹn lójú ẹnikẹ́ni.

Ní báyìí, ẹ má wá sá fún òkùnkùn kí ẹ lọ kó sí ẹrẹ̀. Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe bí wọ́n bá ti bá wa wí pé ọ̀rọ̀ wa le jù: a ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbìyànjú láti san.” “A ó máa retí yín.” Èyí tó burú jù nínú wọn ni “bó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn”. Èmi fúnra mi ti jẹ iyán rẹ̀ níṣu. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọfíìsì sílẹ̀, mo bá ilé iṣẹ́ kan níhà Ìkẹjà kọ àwọn ìwé àdéhùn wọn. Mo fi ìwé owó ránṣẹ́, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ìwà ọmọlúàbí pé wọ́n lè fi owó náà ránṣẹ́ bó bá ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Oṣù keje ni mo pe akáǹtáǹtì wọn. Ó bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò bínú rárá, ó ní, “Ọ̀gá, kò tíì rọ̀ wá lọ́rùn ni.” Mi ò rí nǹkan kan fọ̀ sí i. Èmi lọ́yà ni mo fọwọ́ ara mi fún wọn ní àyè tí kò lópin.

Ohun tí mo wá kọ́ ni pé kí n ya ibi tí ọ̀yàyà ń gbé sọ́tọ̀ kúrò níbi tí àdéhùn ń gbé. Ọ̀yàyà máa ń wà nínú ìkíni, nínú ìdí tí ẹ fi sọ ohun kan, nínú ohun tí ẹ̀yin náà ṣèlérí láti ṣe, àti nínú àyè tí ẹ fún wọn láti pè yín bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Àmọ́ gbólóhùn tó gbé owó àti ọjọ́ kò gba “jọ̀wọ́”, kò gba “bí ẹ bá lè”. “Ẹ ó san ₦120,000 ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.” Kò sí àrífín nínú rẹ̀, torí “ẹ” tí ẹ fi pe àgbà ti wà níbẹ̀. Yorùbá ṣe wá lóore níbí: a lè fi ọ̀wọ̀ sínú arọ́pò orúkọ láìfi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀-ìṣe. Èdè yìí tún ní ewu tirẹ̀, torí a fẹ́ràn láti fi ẹni tó máa ṣe nǹkan pamọ́. “Owó á wọlé.” Láti ọwọ́ ta? “A ó yanjú ẹ̀.” Àwa wo? Ẹ yẹ gbogbo gbólóhùn yín wò: ẹni tí kò bá ti hàn níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó máa san, ẹ ti sọ ọ́ di ẹni tí kò jẹ gbèsè.

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ “san” náà. Ní Èkó lónìí, ènìyàn lè “san” kí owó má dé. Ó ti ṣe tràńsífà, ó ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí Wọ́tsáàpù, ẹ sì ń wo fóònù títí álẹ́ẹ̀tì kò wọlé. Nígbà míì nẹ́tíwọ̀kì báńkì ni, nígbà míì àwòrán náà kì í ṣe òótọ́. Nítorí náà ẹ kọ ọ́ pé owó ti di sísan nígbà tó bá wọ àkáǹtì yín. Gbólóhùn kan péré ni, ó sì ń gba oníṣẹ́ lọ́wọ́ ìjà tí kò ní í pani lẹ́rìn-ín.

Ẹ wo bí èmi á ṣe kọ ọ́ sí màmá náà. Mo kọ ọ́ bíi kí ẹ̀yin fúnra yín máa sọ ọ́ lójúkojú fún un, mo sì kà á síta kí n tó fi ránṣẹ́ sí yín. Ibi tí èémí mi bá ti gé ni mo ti já gbólóhùn náà sí méjì.

“Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ẹ ṣeun tí ẹ ní ká máa bá yín tọ́jú ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́jọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín. Mo fẹ́ kọ bí a ṣe máa ṣe owó rẹ̀ sílẹ̀, kó lè yé tọ̀tún tòsì. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta la ó máa wá ṣe sáfíìsì ẹ̀rọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Owó ẹ̀rọ kan jẹ́ ₦15,000, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦120,000 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá wá. Kò sí owó mìíràn lórí sáfíìsì. Lọ́jọ́ tí a bá parí, ẹ̀yin tàbí máníjà yín yóò tan ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wò níṣojú wa, ẹ ó sì fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́. Èyí tí kò bá tutù dáadáa, a ó kọ ọ́ síbẹ̀, a ó padà wá tún sáfíìsì rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ₦15,000 tirẹ̀ nìkan ni ẹ ó sì dá dúró títí yóò fi dára.

“Ọ̀sẹ̀ kan lẹ ní láti san owó, a ó sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sórí ìwé iṣẹ́ kí a tó kúrò lọ́dọ̀ yín. Bí àpẹẹrẹ, bí a bá parí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹta, ẹ ó san án, ó pẹ́ jù, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Kẹta. Nọ́ńbà àkáǹtì wa wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ tí owó bá wọ àkáǹtì náà ni a ó kà sí ọjọ́ tí ẹ san án. Bí nǹkan bá fẹ́ dí yín lọ́wọ́, ẹ pè mí kí ọjọ́ náà tó pé, a ó jọ fi ọjọ́ mìíràn sí i, màá sì fi íméèlì kọ ọ́ sí yín. Bí ọjọ́ bá kọjá tí a kò jọ sún un, ẹ ó fi ₦3,000 kún un fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá pé lẹ́yìn ọjọ́ náà, torí ọkọ̀ àti owó tí a fi ra gáàsì sílẹ̀. Kò ní ju ₦12,000 lọ láé. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá sì kọjá lẹ́yìn ọjọ́ ìsanwó, a ó fi íméèlì sọ fún yín, a kò sì ní wá ṣe sáfíìsì tó kàn títí owó yóò fi wọlé.

“Bí ẹ̀rọ kan bá nílò páàtì, a ó sọ iye rẹ̀ fún yín, ẹ ó san owó páàtì náà kí a tó rà á. Bí ẹ bá gba gbogbo ohun tí mo kọ yìí, ẹ fèsì sí íméèlì yìí pé ‘Mo gbà’, kí ẹ kọ orúkọ yín sí i. Bí èsì yín bá ti dé, a ó mú ọjọ́ tí a máa kọ́kọ́ wá. Bí ibì kan kò bá sì yé yín, ẹ pè mí, mo wà ńlẹ̀.”

Ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo mọ̀. Kò burú. Àwọn kan máa ń gbé ọ̀rọ̀ dídí kúkúrú gẹ̀gẹ̀, bí ẹni pé kíkúrú ló ń mú kó rọrùn. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹ ó rí i pé kò sí ọ̀kan tí màmá náà kò lè sọ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ tún wo bí mo ṣe yí “dá iṣẹ́ dúró nígbàkúgbà” padà. Ẹ̀tọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín, àmọ́ ó ti ní ọjọ́, ó ti ní ìkìlọ̀ ṣáájú, ó sì ní ohun tó máa fòpin sí i. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, oníbàárà lè rò pé ẹ lè fi òun sílẹ̀ nínú ooru oṣù Kẹta nítorí pé orí yín gbóná.

Ohun méjì ni ẹ máa yí padà bí oníbàárà bá yàtọ̀. Bí ẹ bá ń gba owó-orí ọjà, ìdá 7.5 nínú 100 tí gbogbo ayé ń pè ní fáàtì, ẹ ò lè kọ pé “kò sí owó mìíràn”; ẹ kọ àpapọ̀ rẹ̀ gan-an, ₦129,000, kí ẹ sì sọ pé ₦9,000 nínú rẹ̀ jẹ́ fáàtì. Ẹ má kọ “fáàtì wà lọ́tọ̀” kí ẹ dákẹ́, torí oníbàárà kò ní bá yín ṣírò rẹ̀. Bí oníbàárà bá sì jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá, wọ́n lè yọ owó-orí kan sílẹ̀ fún ìjọba kí wọ́n tó san ìyókù fún yín. Ẹ fi gbólóhùn kan kún un pé wọ́n á fún yín ní ìwé ẹ̀rí ohun tí wọ́n yọ, torí láìsí i, ẹ ò lè fi ka owó-orí tiyín lọ́dún.

“Mo gbà” yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo bí a ṣe tún ọ̀rọ̀ kọ lọ. Íméèlì tí ẹ fi ránṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fèsì sí, ìpè lásán ni. Dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà. Mo ti rí oníṣẹ́ tó ní ìwé tó dán mọ́rán, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìdúró de èsì. Nígbà tí ìjà dé, oníbàárà ní iye tí àwọn jọ sọ lórí fóònù ni òun mọ̀, òun kò ka íméèlì kankan. Bí màmá bá jẹ́ ẹni tí kì í tẹ nǹkan, tó fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wọ́tsáàpù pé “Ẹ máa bọ̀, kò sí wàhálà,” ẹ má kàn ṣíra gbé àpótí irinṣẹ́. Ẹ fi íméèlì kan tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà: “Màmá, mo gbọ́ ohùn yín lónìí pé ẹ gba ₦120,000 àti ọ̀sẹ̀ kan tí mo kọ. A ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.” Ẹ tọ́jú ohùn náà. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 84, gba ìwé tó jáde láti inú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, àmọ́ ó ní àwọn nǹkan tí ẹ gbọ́dọ̀ fi tì í lẹ́yìn, títí kan ìwé tó sọ irú ẹ̀rọ tó ti jáde àti bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ má pa íméèlì náà rẹ́, ẹ má sì ta fóònù náà láìkó ohun inú rẹ̀ síbòmíì.

Ẹ tún wádìí ẹni tó ń sọ “Mo gbà”. Bí máníjà bá fèsì, ẹ bi màmá náà, lórí íméèlì kan náà, bóyá ó ní àṣẹ láti gbà fún òun. Bí ṣọ́ọ̀bù náà bá ní orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, orúkọ yẹn ni kó wà lókè íméèlì àti lórí ìwé iṣẹ́. Mo mọ ẹnì kan tó fi oṣù mẹ́ta lépa ọmọ ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan lórí gbèsè tí ọmọ náà kò jẹ rárá. Òun ló kàn ń dáhùn íméèlì.

Bó bá wá burú tán ńkọ́? Láti ọdún 2018 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ní kóòtù fún gbèsè kéékèèké, lábẹ́ kóòtù májísíréètì, fún gbèsè tí iye rẹ̀ ṣe pàtó tí kò ju mílíọ̀nù ₦5 lọ. Ẹ ó kọ́kọ́ fi lẹ́tà béèrè owó yín lọ́wọ́ onígbèsè, bí kò bá san lẹ ó tó lọ. Wọ́n ṣe é kí ẹjọ́ lè yá, kí ènìyàn lè ṣe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láìgba lọ́yà. Ẹ ṣàkíyèsí “tí iye rẹ̀ ṣe pàtó” yẹn. Ìpínrọ̀ àtijọ́ yín, tí iye rẹ̀ wà nínú àfikún tí kò sí, tí ọjọ́ rẹ̀ so mọ́ ìtẹ́lọ́rùn ẹlòmíì, kò ní rọrùn láti gbé débẹ̀. Tuntun yìí, pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí àti “Mo gbà”, ojú ewé méjì ni gbogbo ẹ̀rí yín. Síbẹ̀, mi ò ní tàn yín: fún ₦120,000, ọjọ́ tí ẹ máa fi lọ tí ẹ máa fi bọ̀ lè jẹ owó yẹn tán. Ohun tí ìwé tó yé ń ṣe jù ni pé kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ débẹ̀, torí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa rí fi jiyàn.

Èmi náà mọ ibi tí ọwọ́ mi mọ. Ohun tí mo kọ yìí tó fún sáfíìsì ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ báńkì, tàbí ilé gogoro kan ní Vítóríà Áílándì tí wọ́n á gbé ìwé àdéhùn tiwọn wá bá yín, íméèlì yín kò ní borí ìwé wọn; ẹ gbé e lọ bá lọ́yà kí ẹ tó fọwọ́ sí i, pàápàá ibi tí wọ́n bá ti kọ ọjọ́ 60 tàbí 90 sí. Ọ̀rọ̀ jàǹbá náà wà lọ́tọ̀, bí ọmọṣẹ́ bá já bọ́ látorí àkàbà tàbí bí wáyà bá jó aṣọ wọn. Ìpínrọ̀ owó kò lè gbé ìyẹn.

Ní ti àwọn oníbàárà tó ti wà pẹ̀lú yín tẹ́lẹ̀, ohun tí ẹ jọ sọ látijọ́ ló ń ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi jọ yí i padà. ₦3,000 yìí kò lè padà sẹ́yìn lọ mú gbèsè ọdún tó kọjá. Ẹ fi tuntun náà ránṣẹ́ sí wọn kí sáfíìsì tó kàn tó dé, nínú íméèlì tirẹ̀, kí ẹ sì má fi béèrè gbèsè àtijọ́ nínú íméèlì kan náà. Ní ti ìyá aláṣọ yẹn, ẹ má fi íméèlì tuntun yìí ránṣẹ́ sí i láìkọ́kọ́ pè é. Ẹ sọ fún un pé ẹ ti ka ohun tí ẹ kọ, pé òótọ́ ló sọ, ó le jù, ẹ sì ti tún un kọ. Kó tó ṣí i, á ti mọ̀ pé òun lẹ kọ ọ́ fún.